Ìlà tó wà nísàlẹ̀ ló ń borí: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ètò PLC

Ẹ má kọ kọ́ìlì kan náà, ìyẹn àṣẹ ìparí ìlà tó ń tan nǹkan tàbí tó ń pa á, sí ìlà méjì. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ tuntun nìyẹn, òun náà sì ni àṣìṣe tí mo ń bá jù nínú pánẹ̀lì tí wọ́n bá pè mí sí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹni tó ń ṣe é kì í ṣe òpè. Wáyà tó ti mọwọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń tàn án. Lórí wáyà, bí swíìṣì méjì bá ní ọ̀nà tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ dé ara kọ́ńtátọ̀ kan, èyíkéyìí tí a bá tẹ̀ nínú wọn yóò gbé e, torí iná ń gba gbogbo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. PLC, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré inú pánẹ̀lì tó ń darí ẹ̀rọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń ka ètò bí a ṣe ń ka lẹ́tà ni, láti òkè wá sísàlẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn.

Ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, á kọ́kọ́ wo gbogbo bọ́tìnnì àti sẹ́ńsọ̀, á sì kọ ipò tó bá wọn sínú ìrántí rẹ̀, bí ìgbà tí a ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà á ka ètò láti ìlà kìíní dé ìkẹyìn. Fọ́tò yẹn ló ń wò ní gbogbo àkókò yìí, kì í tún yọjú síta. Bí ìlà kan bá ní kí páǹpù tàn, iná kò tíì lọ síbì kankan. Inú ìrántí ló kọ ọ́ sí. Ó dìgbà tó bá ka ìlà ìkẹyìn tán kó tó kó ohun tó wà nínú ìrántí lọ sí ẹnu ibi tí wáyà ti jáde. Á wá tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nínú ètò kékeré, gbogbo èyí kì í ju mílísẹ́kọ́ǹdù mélòó kan lọ.

Ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan, tí kò jìnnà sí Tákìé, ló pè mí nítorí páǹpù. Mọ́mì tó ni ibẹ̀ ní, “Ẹ bá mi wò ó, bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ tàn án, kì í dá tàn mọ́.” Wọ́n ti pààrọ̀ fùlóòtì inú táǹkì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti ra kọ́ńtátọ̀ tuntun. Ohun tó wà nínú ètò rèé. `I0.1` ni swíìṣì tó ní kó máa dá ṣiṣẹ́, `I0.0` ni fùlóòtì tó ń tàn bí omi bá lọ sílẹ̀, `I0.2` ni swíìṣì tí wọ́n fi ń fọwọ́ tàn án, `Q0.0` sì ni páǹpù.

```
R1  --[ I0.1 ]--[ I0.0 ]--( Q0.0 )
R2  --[ I0.2 ]------------( Q0.0 )
```

Ọmọ iṣẹ́ mi so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ wá wò ó, ìlà àkọ́kọ́ ti tàn látòkè délẹ̀, àmọ́ páǹpù ò dìde.” Òótọ́ ló sọ. Omi ti lọ sílẹ̀, fùlóòtì ti sọ bẹ́ẹ̀, `R1` sì ti kọ 1 sí `Q0.0`. Ṣùgbọ́n ìlà kejì tẹ̀ lé e ní kíá. Kò sí ẹni tó tan `I0.2`, nítorí náà `R2` kọ 0 sí orí 1 yẹn. Nígbà tí PLC fi máa kó ìrántí jáde, 0 ló bá níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iná kékeré ojú PLC kò fi ṣẹ́jú rárá: 1 yẹn kò jáde síta rí.

Bí ẹ bá rí i tí ìlà tàn lójú kọ̀ǹpútà, tí iná `Q` tirẹ̀ lójú PLC kò sì tàn, ẹ má tíì fọwọ́ kan wáyà. Ẹ wá orúkọ kọ́ìlì náà jákèjádò ètò, kí ẹ ka iye ibi tí wọ́n ti ń kọ nǹkan sí i. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà kì í kọ̀ ọ́. Àwọn kan á kìlọ̀, wọ́n á sì jẹ́ kó kọjá.

Ẹ má sì sọ pé ẹ máa fi pípààrọ̀ ipò wọn tún un ṣe. Mo ti rí ẹni tó gbé `R2` sókè, tí páǹpù sì ń dá tàn, tó gbowó lọ. Ọjọ́ tí fùlóòtì bàjẹ́ ni wọ́n tó mọ̀ pé swíìṣì ọwọ́ ti kú. Ọ̀nà méjèèjì ni kó pàdé lórí kọ́ìlì kan ṣoṣo:

```
R1  --+--[ I0.1 ]--[ I0.0 ]--+--( Q0.0 )
      +--[ I0.2 ]------------+
```

Àṣìṣe kejì fara sin ju èyí lọ, torí ẹni tó ń tún ètò tò kó lè mọ́ ló ń ṣe é. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ní sẹ́ńsọ̀ `I0.4` tó ń ka àpò omi tó ń kọjá. Ká ní àpò kan lo 300 mílísẹ́kọ́ǹdù níwájú sẹ́ńsọ̀, tí ìyípo kan sì jẹ́ 5. PLC yóò rí àpò kan náà nígbà 60. Kó má baà kà á ní 60, a ní láti fún un ní àmì tó wà fún ìyípo kan péré. `M1.0` àti `M1.1` jẹ́ bíìtì inú ìrántí, `MW10` ni iye àpò, `/` sì ń sọ pé bíìtì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 0 kí ìlà tó tàn:

```
R5  --[ I0.4 ]--[/ M1.1 ]--( M1.0 )
R6  --[ I0.4 ]-------------( M1.1 )
R7  --[ M1.0 ]-------------[ MW10 = MW10 + 1 ]
```

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e. Ní ìyípo tí àpò kọ́kọ́ dé, `I0.4` di 1. `M1.1` ṣì jẹ́ 0 láti ìyípo tó kọjá, nítorí náà `R5` sọ `M1.0` di 1. `R6` wá sọ `M1.1` di 1. `R7` fi 1 kún iye. Ní ìyípo kejì, `R5` bá `M1.1` ní 1, ó sì sọ `M1.0` padà di 0. Bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí àpò á fi kọjá.

Wàyí o, ẹnì kan gbé `R6` sókè `R5`. Ìlà kò dín, lẹ́tà kan kò yí padà. Ṣùgbọ́n kí `R5` tó wò ó, `M1.1` ti di 1 nínú ìyípo kan náà. `M1.0` kò ní tàn láéláé, àpò 1,000 lè kọjá kí `MW10` dúró sí 0.

Bó bá jẹ́ `R7` ló gbé lọ sókè `R5` ńkọ́? Iye yóò pé. Kìkì pé ìyípo kan ló fi pẹ́, torí `R7` ti kọjá kí `R5` tó kọ àmì náà, ìyípo tó tẹ̀ lé e ló máa tó rí i. Mílísẹ́kọ́ǹdù 5 kò ní ṣe àpò lóhunkóhun. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀bẹ tó ń gé ọ̀rá ni àmì yẹn ń pè, tí ọ̀rá ń sáré ní mítà 0.4 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan, ibi tó gé ti yẹ̀ ní mílímítà 2 nìyẹn. Bí ìlà mẹ́ta bá tò sẹ́yìn báyìí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dúró de èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó di mílímítà 6, wọ́n á sì máa bú ẹ̀rọ.

Ọ̀pọ̀ PLC ní àmì `P` tó ń ṣe iṣẹ́ `R5` àti `R6` fúnra rẹ̀, ẹ lò ó bó bá wà. Bó bá ń bèèrè bíìtì ìrántí lọ́wọ́ yín, ẹ má fún `P` méjì ní bíìtì kan náà.

Ẹ má sì gbára lé ojú kọ̀ǹpútà láti mọ̀ bóyá `M1.0` ń ṣiṣẹ́. Mílísẹ́kọ́ǹdù 5 ló fi ń tàn, kọ̀ǹpútà kì í yára tó láti rí i, nítorí náà bákan náà ló máa rí lójú yín, ì báà dára, ì báà ti bàjẹ́. Iye ni kí ẹ wò. Ní ọjọ́ yẹn, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi máa fi ọwọ́ kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀ nígbà 20 láìyára. `MW10` ṣì wà ní 0. A dá ìlà méjèèjì padà sí ipò wọn, ó tún fi ọwọ́ kọjá nígbà 20, `MW10` sì kọ 20.