Lẹ́tà Ìtọrọ Ààyè Láti Lọ sí Hájì: Àṣìṣe Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Máa Ń Ṣe

Ní 2024, ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ni ọjọ́ Àráfà, tó jẹ́ òpómúléró Hájì, bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 5 oṣù náà ni. Nítorí pé oṣù ojú ọ̀run ni Mùsùlùmí fi ń ka ọdún, Hájì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ lọ́dọọdún, ó sì lè bọ́ sáàárín ìgbà tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Àṣìṣe tó burú jù ni kéèyàn kọ ọ́ láì ka kíláàsì tó máa pàdánù. "Mo tọrọ ààyè fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀" kò sọ nǹkan kan fún olórí ẹ̀ka. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá wá sí ìdá 75 nínú 100 kíláàsì ẹ̀kọ́ kan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀kọ́ kan tó ń gba wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 15. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 30. Ìdá 75 rẹ̀ jẹ́ wákàtí 22 ààbọ̀. Ẹni tó bá lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì ní wákàtí 24, kò séwu. Ẹni tó bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní wákàtí 22 péré, ìyẹn ìdá 73 àti díẹ̀. Ààbọ̀ wákàtí péré ló fi jábọ́, ìyẹn bí kò bá tíì pa kíláàsì kankan jẹ tẹ́lẹ̀ o.

Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, iye kíláàsì tí ẹ máa pàdánù nínú rẹ̀, àti iye tí ẹ ti wá. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tí ẹ ń fẹ́ gan-an: "Mo bẹ̀bẹ̀ kí a má ka àwọn kíláàsì wọ̀nyí sí mi lọ́rùn nígbà tí a bá ń wo ẹni tó yẹ kó ṣe ìdánwò." Ẹni tó tọrọ ààyè ìrìn àjò nìkan lè gbà á, kó sì padà dé bá orúkọ rẹ̀ lára àwọn tí wọn ò ní jẹ́ kó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kàn. Iṣẹ́ Hájì fúnra rẹ̀ kò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ, láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 13 oṣù kejìlá Mùsùlùmí. Ìbẹ̀wò Mẹ̀dínà àti dídúró de bàálù ló ń sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ àjọ Hájì ìpínlẹ̀ lọ kò ní agbára lórí bàálù tí wọ́n máa fi í sí. Ẹ má ṣe kọ pé "N ó padà ní ọjọ́ báyìí" bí ẹni tó mú un dájú. Ẹ kọ ọjọ́ tó ṣeé ṣe kí ẹ tètè lọ jù àti ọjọ́ tó ṣeé ṣe kí ẹ pẹ́ dé jù, kí ẹ sì ṣèlérí láti fi ọjọ́ bàálù ránṣẹ́ ní kété tó bá jáde.

Àwọn mìíràn á fi ojú ìwé kan ṣe wáàsí, tàbí kí wọ́n fi apá 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, tó sọ nípa òmìnira ẹ̀sìn, bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má ṣe ẹ̀sìn wọn. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn ẹni tó ń kà á ni pé: kí ló dé tí kò lè dúró di ìgbà tó bá jáde níléèwé? Bó bá jẹ́ pé ìyá yín ti dàgbà, ẹ̀yin lẹ ó sì dì í mú níbi tawáàfù, gbólóhùn yẹn wúwo ju wáàsí lọ. Ẹ so ẹ̀rí owó tí ẹ san àti ojú ìwé páàsípọ́ọ̀tì mọ́ ọn.

Ẹ má parọ́ àìsàn. Ilé ìwòsàn yunifásítì ló máa ń fọwọ́ sí ìwé àìsàn, òǹtẹ̀ Saudi sì lè wà nínú páàsípọ́ọ̀tì yín.

Ẹ má sì jẹ́ kí "ọ̀gá ní kí n máa lọ" tó yín. Olùkọ́ kan ò lè fún yín láyè lórí ẹ̀kọ́ olùkọ́ mìíràn. Ẹ kọ ọ́ sí díìnì fákọ́tì yín, kó gba ọwọ́ olórí ẹ̀ka yín kọjá, ó kéré tán oṣù méjì ṣáájú. Ẹ gba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀, kí ẹ mú un fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ìdánwò bá bọ́ sáàárín ìrìn àjò náà, lẹ́tà yìí kò bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ìtọrọ ìsúnsíwájú ìdánwò ni ẹ máa kọ lọ́tọ̀, kí ẹ tó wọ bàálù.