Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Lẹ́tà Tí A Fi Ń Bẹ Báńkì Pé Kí Ó Tún Ìsanwó Ẹ̀yáwó Tò

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹ̀yáwó ní báńkì máíkírofáínánsì kan ní Múṣin, kí n tó kúrò níbẹ̀ tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà ní Ojúẹlẹ́gba. Lẹ́tà àwọn tí owó oṣù wọn dínkù, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n máa san iye tí kò tó ti tẹ́lẹ̀, ti kọjá lọ́wọ́ mi láìníye. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni báńkì kọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó kọ ọ́ yẹ ní ríràn lọ́wọ́. Lẹ́tà náà ni kò ní ohun tí òṣìṣẹ́ báńkì lè fi gbèjà rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ tí ń fọwọ́ sí ẹ̀yáwó, nítorí pé àwọn ìgbìmọ̀ yìí kì í rí oníbàárà sójú. Ìwé nìkan ni wọ́n ń rí.

Àṣìṣe kìíní ni kí ènìyàn dúró títí gbèsè yóò fi bàjẹ́ kí ó tó kọ̀wé. Lábẹ́ ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe fún àwọn báńkì ńlá, ẹ̀yáwó tí a kò san fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ ti di gbèsè burúkú nínú ìwé wọn, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè náà yóò sì ti gbọ́. Bí ìwé owó oṣù àkọ́kọ́ tí ó fi hàn pé wọ́n ti gé yín lówó bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí lẹ́tà wọlé, nígbà tí ẹ kò tíì jẹ oṣù kan sílẹ̀. Ẹni tí kò tíì kùnà ń béèrè fún àtúntò, ẹni tí ó ti jẹ oṣù mẹ́ta sílẹ̀ sì ń béèrè fún ìdáríjì, ìgbìmọ̀ kì í sì wo àwọn méjèèjì bákan náà.

Èkejì: ẹ má ṣe fi ìpè fóònù tàbí Wọ́sáàpù sí òṣìṣẹ́ tí ó yá yín lówó rọ́pò lẹ́tà.

Ẹ̀kẹta ni ó ń dùn mí jù, n óò sì sọ ọ́ ní kíkún, nítorí pé òun ni ó ń ná àwọn ènìyàn lówó jù lọ. Òun ni kí ènìyàn dárúkọ iye tí yóò máa san láìṣe ìṣirò, tàbí kí ó má tilẹ̀ dárúkọ iye kankan, kí ó kàn kọ ọ́ pé «ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dín in kù.» Nígbà tí ẹ kò bá sọ iye, báńkì ni yóò sọ ọ́ fún yín, iye tí ó bá rọ báńkì lọ́rùn ni yóò sì jẹ́. Nígbà tí ẹ bá sì sọ iye tí ó kéré jù, ẹ lè máa sanwó lóṣooṣù kí gbèsè náà sì máa ga sí i.

Obìnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní ilé-iṣẹ́ tí ń gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá mú lẹ́tà tí ó ti kọ tán wá bá mi. Owó oṣù rẹ̀ ti já láti ₦310,000 sí ₦215,000 nítorí pé wọ́n yọ owó àfikún iṣẹ́ kúrò. Gbèsè tí ó kù lọ́rùn rẹ̀ jẹ́ ₦600,000, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù lórí iye tí ó bá kù, oṣù mẹ́jọ ni ó sì ṣẹ́kù fún un láti san án tán, pẹ̀lú nǹkan bí ₦85,500 lóṣooṣù. Ohun tí ó kọ sínú lẹ́tà ni pé kí báńkì jẹ́ kí òun máa san ₦15,000.

Mo ní, «Àǹtí, èlé oṣù kan ṣoṣo lórí ₦600,000 yìí jẹ́ ₦18,000. Bí ẹ bá san ₦15,000, ẹ kò tíì san èlé tán, ká má tíì sọ ojú owó.»

Ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé bí mo bá ṣáà ti ń san nǹkan, gbèsè náà yóò máa lọ sílẹ̀ ni.»

Mo ṣe ìṣirò náà fún un lórí tákàdá. Ní ìparí oṣù kìíní, gbèsè yóò ti di ₦603,000. Bí báńkì bá ń fi èlé tí kò san kún ojú owó, lẹ́yìn ọdún kan tí ó ti san ₦180,000, gbèsè rẹ̀ yóò ti tó nǹkan bí ₦642,600. Kódà bí ó bá gbé e sókè sí ₦20,000, oṣù méjìdínlọ́gọ́rin ni yóò fi san án, èyí tí ó ju ọdún mẹ́fà lọ. Kò sí ìgbìmọ̀ tí yóò fọwọ́ sí irú rẹ̀, ìdí tí báńkì fi ń tètè dá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ padà náà sì nìyẹn: ẹni tí ó kà á yóò rò pé oníbàárà kò fẹ́ san.

Ọ̀nà tí ó tọ́ kò ṣòro. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ètò ìsanwó yín lọ́wọ́ báńkì, kí ẹ mọ ojú owó tí ó kù àti bí wọ́n ṣe ń ka èlé, nítorí pé àwọn ilé-ìyáwó kan ń ka èlé lórí gbogbo iye tí ẹ yá níbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ìṣirò tiwọn sì yàtọ̀ sí èyí tí mo ń ṣe níhìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ilé yín kò lè ṣe aláìná sílẹ̀. Ti obìnrin yìí jẹ́ ₦85,000 fún oúnjẹ, ₦35,000 tí ó ń tù jọ fún owó ilé, ₦30,000 fún ọkọ̀ láti Múṣin dé Àpápá àti padà, pẹ̀lú ₦15,000 fún ilé-ìwé ọmọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦165,000, ó sì ku ₦50,000 nínú owó oṣù tuntun. Mo sọ fún un pé kí ó má ṣe fi gbogbo ₦50,000 náà ṣèlérí, nítorí pé ẹni tí ó bá tún kùnà lẹ́yìn àtúntò kì í sábà rí àtúntò kejì gbà. Nígbà tí a wo oṣù méjìdínlógún, iye tí yóò máa san wá sí nǹkan bí ₦43,700. Nínú ìsanwó àkọ́kọ́, ₦18,000 yóò lọ sí èlé, ₦25,700 yóò sì bọ́ sórí ojú owó, gbèsè á sì wá sí ₦574,300. Iye tí a ó kọ sínú lẹ́tà nìyẹn: ó ń gbé gbèsè sọ̀kalẹ̀, ó ní ọjọ́ ìparí, ó sì ku nǹkan díẹ̀ sílé.

Ṣùgbọ́n mo fi iye tí yóò ná an hàn án pẹ̀lú. Àfikún oṣù mẹ́wàá yẹn yóò mú kí gbogbo èlé tí ó máa san pọ̀ sí i pẹ̀lú iye tí ó lé díẹ̀ ní ₦101,000. Bákan náà ni ti àwọn tí ń béèrè pé kí báńkì dá ìsanwó dúró fún oṣù mẹ́ta: èlé kì í sùn. Lórí ₦600,000 yìí, oṣù mẹ́ta tí a kò san nǹkan kan yóò sọ gbèsè di nǹkan bí ₦655,600. Ẹ béèrè fún ìdádúró bí ẹ bá ní ìwé tí ó fi ọjọ́ tí owó yóò tún wọlé hàn, bí iṣẹ́ tuntun tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan pàtó. Bí kò bá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ fa àkókò gùn ni.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ: nọ́ńbà ẹ̀yáwó, iye tí ó kù, ohun tí ó dín owó oṣù kù àti ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, iye tí ẹ lè san, iye oṣù, àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí lẹ́tà olójú ìwé mẹ́rin tí ó sọ ìtàn àìsàn ìyá, ìjà pẹ̀lú onílé àti ọkọ̀ tí ó bàjẹ́, tí kò sì dárúkọ owó oṣù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ so ìwé owó oṣù ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí mọ́ ọn, pẹ̀lú lẹ́tà ọ̀gá ibi iṣẹ́ àti sítétimẹ́ńtì oṣù mẹ́fà.

Nípa sítétimẹ́ńtì yìí, ẹ má ṣe purọ́. Ẹni tí ó ní owó oṣù òun já sí ìdajì, tí sítétimẹ́ńtì rẹ̀ sì fi hàn pé owó ń wọlé láti ibòmíràn, ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́. Bákan náà, gbígbé owó lọ sí báńkì mìíràn kí ilé-ìyáwó má baà rí i kò ṣe iṣẹ́ mọ́. Láti ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti ní ètò tí wọ́n ń pè ní GSI, èyí tí báńkì tí ó wà nínú rẹ̀ lè fi fa owó tí ẹ jẹ láti inú àkáǹtì yín tí ó wà ní àwọn báńkì mìíràn nípasẹ̀ BVN yín, bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i nígbà tí ẹ ń yá owó náà.

Ẹ má ṣe gbàgbé onídùúró yín. Bí àdéhùn bá yí padà láìjẹ́ pé ó mọ̀, ó lè sọ pé òun kò dúró fún èyí tuntun, báńkì sì mọ èyí dáadáa, nítorí náà wọn yóò fẹ́ rí ìbuwọ́lù rẹ̀. Mo ti rí àtúntò tí ó dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún nítorí pé onídùúró wà ní Ìbàdàn, kò sì sí ẹni tí ó ti bá a sọ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú.

Ẹ gba òǹtẹ̀ báńkì sórí ẹ̀dà lẹ́tà yín, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ fi í sílẹ̀. Ní ọdún tí wọ́n gé owó oṣù tèmi náà, mo fi lẹ́tà mi lé òṣìṣẹ́ ilé-ìyáwó kan lọ́wọ́ láìgba òǹtẹ̀, nítorí pé a mọ ara wa. Wọ́n gbé òṣìṣẹ́ náà lọ sí ẹ̀ka mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kò sí ẹni tí ó rí lẹ́tà náà mọ́, mo sì san owó ìtanràn oṣù méjì tí n kò lè jiyàn rẹ̀.

Èyí tí ó kù ni ti àwọn ṣẹ́ẹ̀kì tí ẹ ti kọ ọjọ́ iwájú sí lára tí ẹ sì fi sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀yáwó. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí báńkì dá wọn padà, kí wọ́n sì yí àṣẹ ìfàwó orí àkáǹtì yín sí iye tuntun. Ọkùnrin kan ní Yábàá rí àtúntò gbà, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀kì àtijọ́ wà nínú fáìlì, ẹnì kan gbé e lọ síwájú, ó sì padà láìrí owó. Òfin Nàìjíríà ka ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí sí ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó sì fi ń lọ tí ó ń bọ̀ kí ó tó yanjú ohun tí ìlà kan nínú lẹ́tà ìbá ti yanjú.

Ní ti obìnrin Àpápá, ìgbìmọ̀ gba oṣù méjìdínlógún náà lẹ́yìn tí onídùúró rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ó gba ṣẹ́ẹ̀kì mẹ́jọ padà, ó fà wọ́n ya níwájú òṣìṣẹ́ náà, ó sì fi àwòrán sítétimẹ́ńtì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìparí oṣù tí ó tẹ̀lé e: ₦43,700 ni wọ́n fà.