Bí mo ṣe sọ àwọ̀ mẹ́rin di ohun tí gbogbo ẹbí lè rà l'Óṣogbo

Ìyàwó ojú ọ̀nà kan ló fi orúkọ àwọ̀ mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi: ókà, ọ́sìbílọ́ọ̀dù, séèjì àti ékúrù. Ó ní àwọn ló wu òun fún aṣọ ẹbí. Iṣẹ́ tèmi ni kí àwọn ìyá, àwọn ọ̀rẹ́ àti télọ̀, tí kálukú wọn máa ra aṣọ ní ìsọ̀ tirẹ̀, fojú inú rí ohun kan náà. Orúkọ nìkan kò lè ṣe é. Nígbà tí mo pe èyí tó gbẹ̀yìn fún ìyá ọkọ, ó ní, "Ẹ̀kuru kẹ̀? Aṣọ là ń sọ àbí oúnjẹ?"

Ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo àwọ̀: ìdílé wo ló ti wá? Báwo ló ṣe jìn tó? Ṣé ó ta yòò, àbí ó ti kú díẹ̀? Apá ibo ló fì sí? Àwa ará ìlú aró kò ṣàjèjì sí ìjìnlẹ̀ àwọ̀ ṣá. Aṣọ tí wọ́n rì bọ inú aró díẹ̀ á jẹ́ àyìnrín, èyí tí wọ́n ń rì tí wọ́n ń sá léraléra á fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀lú kan náà ni.

Ọ́sìbílọ́ọ̀dù ló fún mi níṣẹ́ jù. Pupa ni ìdílé rẹ̀, ó jìn, ó sì fì sí rúsúrúsú. Tí ẹ bá bèèrè rẹ̀ lọ́jà, wáìnì ni wọ́n máa nà sí yín, wọ́n á tún búra lé e. Wáìnì náà jìn lóòótọ́, àmọ́ elésè àlùkò ló fì sí. Tí ọ̀kan bá dá wà lórí tábìlì, ojú kò lè mọ èwo ni. Mo ní kí ọlọ́jà gé péńpé lára méjèèjì, mo kó wọn jáde sábẹ́ ìbòòji ìsọ̀, mo fi etí wọn kan ara wọn. Ojú ẹsẹ̀ ni wáìnì fi elésè àlùkò rẹ̀ hàn, tí èkejì sì dúró bí ẹ̀jẹ̀ tó ti ń gbẹ. Abẹ́ gílóòbù tó pọ́n nínú ìsọ̀, àwọ̀ kan náà ni wọ́n jọ. Oòrùn ọ̀sán gangan náà kò dára, torí ó máa ń fọ àwọ̀ lójú ẹni.

Ékúrù rọrùn, torí sányán wà nílé. Òwú tí wọn kò tíì sọ di funfun ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí níbi tó ti wá, sányán gidi náà sì jẹ́ sílíìkì tí wọn kò pa láró. Kírímù ni ọ̀tá rẹ̀: ìyeyè díẹ̀ wà nínú kírímù. Mo fi bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà. Ékúrù fi rúsúrúsú àti eérú díẹ̀ hàn. Ókà jẹ́ ìyeyè tó ti kú, àwọ̀ ilẹ̀ tí ìpẹtà irin wà nínú rẹ̀. Séèjì jẹ́ àwọ̀ ewé tí eérú ti wọ̀, kò jìn púpọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu ni pé kò sí èyí tó ta yòò nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó kan fẹ́ fi àwọ̀ lẹ́mọ́ọ̀nù kún un fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, òun nìkan lojú máa rí nínú fọ́tò." Ó bínú díẹ̀, àmọ́ ó gbà.

Lẹ́yìn náà ni mo to àwọn gígé aṣọ náà, mo yà wọ́n, mo sì sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun lórí fóònù. Ékúrù mọ́ jù, ọ́sìbílọ́ọ̀dù ṣú jù, ṣùgbọ́n séèjì àti ókà di eérú kan ṣoṣo. Ìyẹn ni pé ìjìnlẹ̀ wọn dọ́gba: gèlè ókà lórí léèsì séèjì kò ní yọ dáadáa láti òkèèrè. Mo wá pín in báyìí, mo sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo wọn:

"Ẹbí ìyàwó: léèsì ékúrù, ìyẹn àwọ̀ sányán, kì í ṣe kírímù, gèlè séèjì, ewé tó ní eérú nínú. Ẹbí ọkọ: séèjì, pẹ̀lú gèlè àti fìlà ọ́sìbílọ́ọ̀dù, pupa jíjìn tó fì sí rúsúrúsú, kì í ṣe wáìnì. Ókà, ìyeyè tó ti kú: ìpèlé àti báàgì àwọn ọ̀rẹ́ nìkan."

Mo tún ní kí ẹbí ọkọ gé gèlè wọn lára róòlù kan náà, kí wọ́n sì rà á papọ̀, torí róòlù tí wọ́n pa láró nígbà ọ̀tọ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ sí èkejì, bí orúkọ tó wà lára wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.