Bí Mo Ṣe Ń Wá Olóhun "Hà" Nínú Àyọkà Gígùn Ìdánwò Lárúbáwá

Owó ìdánwò ìmọ̀ èdè Lárúbáwá tí mo san lẹ́ẹ̀kejì ṣì ń dùn mí, nítorí pé kì í ṣe àìgbọ́ èdè ni ó fà á. Ilé-ẹ̀kọ́ kan gba owó gọbọi lọ́wọ́ wa láti kọ́ wa ní àyọkà kíkà, ohun tí wọ́n sì tẹnu mọ́ ni pé kí á fi àmì fáwẹ̀lì sí gbogbo ọ̀rọ̀ kí á tó dáhùn ìbéèrè kankan. Àyọkà ìdánwò kì í ní àmì wọ̀nyí bí Àlùkùránì tí a fi bẹ̀rẹ̀ ní ilé-kéwú ṣe ní in. Nítorí náà, nígbà tí àkókò pé, àyọkà tó kẹ́yìn ṣì wà nílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò yẹ lẹ́nu ẹni tí ó ń gbowó.

Kí á kọ́kọ́ ka ìbéèrè, gbogbo wa ni a mọ ìyẹn. Ibi tí máàkì ti ń ṣòfò ni mímọ olóhun arọ́pò-orúkọ tí ó ń lẹ̀ mọ́ ìparí ọ̀rọ̀, ìyẹn ohun tí ó ń tọ́ka sí, pàápàá "hà". Bí a bá rí "hum", ènìyàn púpọ̀ ni à ń sọ. Ṣùgbọ́n "hà" lè jẹ́ obìnrin kan, ó lè jẹ́ ohun kan tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ abo, ó sì lè jẹ́ ohun púpọ̀ tí kì í ṣe ènìyàn.

Ẹ wo gbólóhùn kan tí ó sọ pé ìjọba kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ sí àwọn ìlú tó jìnnà, lẹ́yìn náà ó ti "hà" pa nítorí pé ìnáwó "hà" ga. Ìjọba, "hukúma", jẹ́ abo. Ilé-iṣẹ́ àti ìlú jẹ́ púpọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni "hà" bá mu. Àwọn tí ó ṣètò ìdánwò mọ èyí, wọn a sì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìdáhùn tí a óò ti mú ọ̀kan. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni mo máa ń bi léèrè: ta ni ó ṣe é, kí sì ni a lè ṣe é sí? Ìjọba ni ó tì, nítorí náà kì í ṣe òun ni wọ́n tì; ilé-iṣẹ́ sì ni ènìyàn ń tì pa, kì í ṣe ìlú. Lẹ́yìn èyí, mo fi "ilé-iṣẹ́" rọ́pò "hà" kejì, mo tún un kà, ó sì bá ìdí tí wọ́n fi tì í mu. "Hà" àkọ́kọ́ yìí tún jẹ́ kí á mọ̀, láìsí àmì fáwẹ̀lì kankan, pé olùwà ni ó ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe pé wọ́n ṣe é sí i, nítorí pé àbọ̀ ti wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe.

Ọ̀nà yìí ni mo fi parí gbogbo àyọkà nígbà kejì, inú mi sì dùn gidigidi sí i. Kì í ṣe gbogbo ibi ni ó ti ń tó: níbi tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ti lè bá ohun méjì mu, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni a óò kà kí á tó mú ìdáhùn. Bí ó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni ẹ ti ń ṣe é tí ẹ kò lè fa ìlà sí àyọkà, ẹ kọ "hà" àti olóhun rẹ̀ sórí ìwé tí wọ́n bá fún yín, ní ìpínrọ̀ tí ìbéèrè ń tọ́ka sí nìkan.