MRR wa ń fò sókè, ó tún ń já wálẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí owó oṣù, owó oṣù mẹ́ta àti owó ọdún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ní ààpù kan tí àwọn iléèwé àti àwọn ṣọ́ọ̀bù fi ń kọ àkọsílẹ̀ owó wọn. Oníbàárà 40 ń san ₦5,000 lóṣooṣù, 18 ń san ₦13,500 lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, 12 sì ń san ₦48,000 lọ́dún. Lóṣù kìíní, ₦1,019,000 wọ báǹkì. Lóṣù kejì, ₦200,000 péré ni, bẹ́ẹ̀ oníbàárà kankan ò kúrò. Ẹnì kan tó fẹ́ fowó sí iṣẹ́ wa ní kí n sọ MRR wa, ìyẹn owó àdéhùn tó ń wọlé léraléra, tí a kà sí ti oṣù kan. Èwo ni kí n sọ nínú méjèèjì?

Ìdáhùn: Ẹ má sọ ìkankan nínú wọn. Ohun tí báǹkì ń fi hàn yín ni ọjọ́ tí àwọn èèyàn sanwó. Ohun tí ẹni yẹn ń béèrè yàtọ̀: bí ẹnikẹ́ni ò bá wọlé, tí ẹnikẹ́ni ò sì jáde, èló ni iṣẹ́ oṣù kan tó lórí àdéhùn tó wà nílẹ̀? Ẹ rántí onílé tó gba owó ilé ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò jẹ́ sọ pé iye tí wọ́n ń san lóṣù nìyẹn.

Ọ̀nà rẹ̀ ò le. Ẹ mú owó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ pín in sí iye oṣù tó bò. Owó oṣooṣù dúró bó ṣe wà. Ti oṣù mẹ́ta, ẹ pín in sí 3. Ti ọdún, ẹ pín in sí 12.

Àwọn 40 tó ń san lóṣooṣù jẹ́ ₦200,000. Ẹni tó san ₦13,500 fún oṣù mẹ́ta ń san ₦4,500 lóṣù, ti àwọn 18 sì jẹ́ ₦81,000. Ẹni tó san ₦48,000 lọ́dún ń san ₦4,000 lóṣù, ti àwọn 12 jẹ́ ₦48,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦329,000. Iye yìí ni MRR yín lóṣù kìíní, òun náà ni lóṣù kejì, nítorí oníbàárà kankan ò yí padà.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó tọ̀nà, ẹ gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ ka gbogbo owó tó máa wọlé lọ́dún kan lórí àdéhùn yìí: ₦2,400,000 lọ́wọ́ àwọn olóṣooṣù, ₦972,000 lọ́wọ́ àwọn oloṣù mẹ́ta tí wọ́n bá san lẹ́ẹ̀mẹrin, àti ₦576,000 lọ́wọ́ àwọn ọlọ́dọọdún. Ó jẹ́ ₦3,948,000. Ẹ pín in sí 12, ₦329,000 náà ló máa jáde. Bí ọ̀nà méjèèjì ò bá bára mu, ẹ ti pín owó kan sí iye oṣù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo máa ń rí i pé àwọn èèyàn ń gbójú fò. Nínú ₦576,000 tí àwọn ọlọ́dọọdún san, ká ní gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ₦48,000 nìkan lẹ ti ṣiṣẹ́ fún nígbà tí oṣù náà parí. ₦528,000 tó kù jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ṣì jẹ wọ́n. Ó wà ní báǹkì lóòótọ́, àmọ́ lójú aṣírò owó, gbèsè ni.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n iléèwé 6 wà nínú àwọn 18 yẹn tí wọ́n ń san tẹ́ẹ̀mù-tẹ́ẹ̀mù, ₦13,500 kan náà. Tẹ́ẹ̀mù kan jẹ́ bí oṣù mẹ́ta, mo lè fi wọ́n síbẹ̀, àbí?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ yọ wọ́n kúrò níbẹ̀. Tẹ́ẹ̀mù mẹ́ta ló wà nínú ọdún, kì í ṣe mẹ́rin. Ẹni tó ń san lóṣù mẹ́ta mẹ́ta máa sanwó lẹ́ẹ̀mẹrin kí ọdún tó yípo, iléèwé máa san lẹ́ẹ̀mẹta. Owó tẹ́ẹ̀mù mẹ́ta ló ń gbé wọn la ọdún já, ìsinmi gígùn náà wà nínú rẹ̀, nítorí ààpù yín ò tì mọ́ wọn nígbà tí àwọn ọmọ wà nílé. Ẹ pín owó tẹ́ẹ̀mù sí 4.

₦13,500 á wá di ₦3,375 lóṣù, kì í ṣe ₦4,500. Ti iléèwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á jẹ́ ₦20,250 dípò ₦27,000. MRR yín á sì di ₦322,250. Ìyàtọ̀ ₦6,750 lè dà bí nǹkan kékeré. Ẹ sọ ọ́ di ti ọdún, ó di ₦81,000 tí kò sẹ́ni tó máa san án. Iye yẹn gan-an ni owó tẹ́ẹ̀mù kẹrin tí kò sí.

Èmi ò tiẹ̀ ní kọ «oṣù mẹ́ta» tàbí «tẹ́ẹ̀mù» nìkan sí ṣíìtì. Màá ní òpó kan tí màá fi nọ́ńbà sí: 1, 3, 4 tàbí 12. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé ìgbà mélòó ni oníbàárà yìí ń sanwó lọ́dún, kí ẹ pín 12 sí iye ìgbà yẹn. Nọ́ńbà tó bá jáde lẹ máa kọ.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀. Òpó B ni iye owó, C ni iye oṣù, D ni ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, E ni ọjọ́ tí owó náà máa parí. G1 ni ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù. Fọ́múlà mi rèé:

```
=SUMPRODUCT((D2:D71<=G1)*(E2:E71>=G1)*B2:B71/C2:C71)
```

Ó yẹ kó fún mi ní 322,250 fún oṣù kìíní 2025, ṣùgbọ́n 302,250 ló ń fún mi. Akọ̀wé wa ló fi àwọn ìlà tó kẹ́yìn kún un lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Ìdáhùn: Fọ́múlà yín ò ní àléébù. ₦20,000 ló sọnù, ìyẹn sì ṣe rẹ́gí pẹ̀lú oníbàárà olóṣooṣù mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà akọ̀wé tí ẹ sọ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Bí ètò ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣáájú ọjọ́ níbẹ̀. Tó bá tẹ 05/01/2025, tó ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní lọ́kàn, kọ̀ǹpútà máa gbà á sí ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Lójú fọ́múlà yín, oníbàárà yẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀, ó sì máa fò ó láìpariwo. Ẹ to òpó D láti ọjọ́ tó pẹ́ jù sí èyí tó dé kẹ́yìn, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí kò tíì tó, lọ́dọ̀ ẹni tó ti sanwó, òun ni ẹ̀ ń wá. Tó bá jẹ́ mẹ́rin lẹ rí, ọ̀rọ̀ parí.

Tí ọjọ́ bá ju 12 lọ, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Kò sí oṣù kẹtàlá, nítorí náà lórí kọ̀ǹpútà yẹn 13/01/2025 máa dúró bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ máa rí i tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì àpótí rẹ̀, nígbà tí ọjọ́ gidi máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀tún. Kí ó má baà tún ṣẹlẹ̀, ẹ sọ fún akọ̀wé kó máa tẹ ọdún ṣáájú, bíi 2025-01-05. Kí ẹ sì má fi ọwọ́ tẹ ọjọ́ ìparí mọ́, ẹ jẹ́ kí ṣíìtì ṣírò rẹ̀:

```
=EDATE(D2,C2)-1
```

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 2025 tó san owó ọdún á wá parí ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní 2026. Tí ẹ bá rí #VALUE! nínú òpó E, ọjọ́ tó di ọ̀rọ̀ lásán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá rí #DIV/0! nínú àròpọ̀, ìlà kan wà tí òpó C rẹ̀ ṣófo. Ìwọ̀nyí ń pariwo, wọn ò léwu tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó yí padà tó sì jọ ọjọ́ gidi lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ìbéèrè: Oníbàárà olóṣooṣù 10 gbà láti kúrò lórí ₦5,000, wọ́n san ₦48,000 ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Inú wa dùn. Mo wo ṣíìtì, MRR ti gun òkè pẹ̀lú ₦40,000. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ìdáhùn: Ó yẹ kó wálẹ̀ pẹ̀lú ₦10,000 ni. Ẹni kọ̀ọ̀kan wọn ń san ₦5,000 lóṣù tẹ́lẹ̀, ní báyìí ₦4,000 ló ń san. ₦48,000 lọ́nà mẹ́wàá, ìyẹn ₦480,000, ti wọ báǹkì, MRR sì dín kù lóòótọ́. Ẹ̀dínwó tí ẹ fún wọn kí wọ́n lè san ti ọdún ló gbé ₦10,000 yẹn lọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é o, owó lọ́wọ́ lè gbà yín lọ́wọ́ ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí olùdókòwò bá béèrè ìdí tí MRR fi já, ẹ sọ bó ṣe rí fún un.

Bó ṣe wá gun òkè ni pé ìlà àtijọ́ àwọn mẹ́wàá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ ti ka ₦5,000 àti ₦4,000 pọ̀ fún ẹnì kan náà. Tí ẹ bá fi ìlà tuntun kún ṣíìtì, ẹ mú ọjọ́ ìparí ìlà àtijọ́ wá sí ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí tuntun bẹ̀rẹ̀. Níbi yìí nìkan lẹ ti máa fi ọwọ́ tẹ òpó E. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye orúkọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù. Kò gbọdọ̀ sí orúkọ tó jáde lẹ́ẹ̀mejì, àyàfi tí oníbàárà náà bá ń sanwó fún ṣọ́ọ̀bù méjì.

Ìbéèrè: Owó tí wọ́n san lẹ́ẹ̀kan fún ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Owó orí ọjà? Owó tí ilé iṣẹ́ tó ń bá wa gbowó lórí ẹ̀rọ ń yọ?

Ìdáhùn: Owó ìbẹ̀rẹ̀ ò sí nínú MRR, ẹ má tiẹ̀ pín in sí 12, torí kò ní tún wọlé lọ́dún tó ń bọ̀. Owó orí ọjà ti ìjọba ni. Tí ₦5,000 yín bá ti ní 7.5% nínú, ẹ pín in sí 1.075, tiyín jẹ́ ₦4,651.16. Ẹ̀dínwó gbọ́dọ̀ jáde kí ẹ tó pín: tí ẹ bá ní kí èèyàn san owó oṣù mẹ́wàá kó lo méjìlá, ẹ pín ₦50,000 sí 12, kì í ṣe 10. Owó tí àwọn agbowó orí ẹ̀rọ yọ ní tirẹ̀ jẹ́ ìnáwó yín, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú MRR. Iye tí oníbàárà gbà láti san lẹ máa kọ, kì í ṣe èyí tó ṣẹ́kù nígbà tó dé báǹkì.