Orúkọ Tíkẹ́ẹ̀tì Yàtọ̀ sí ti Pásípọ́ọ̀tù: Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Lẹ́tà "Ṣ" wà lára ohun tó ń kó àwa Yorùbá sí wàhálà yìí. Ẹlòmíràn á kọ FOLASADE, ẹlòmíràn á kọ FOLASHADE. Nílé, ẹnì kan náà là ń pè. Ní káńtà pápákọ̀ òfurufú, ẹni méjì ni wọ́n, torí ẹ̀rọ ló ń ka orúkọ níbẹ̀.

Ẹ ṣí pásípọ́ọ̀tù yín sí ojú ewé tí fọ́tò wà, kí ẹ wo ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àmì 44 ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ká ní Folasade Abimbola Adeyemi lorúkọ ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò, báyìí ni ìlà àkọ́kọ́ á ṣe rí:

```
P<NGAADEYEMI<<FOLASADE<ABIMBOLA<<<<<<<<<<<<<
```

Orúkọ ìdílé ló ṣáájú, àmì méjì pààlà, orúkọ àbísọ sì tẹ̀ lé e. Ohun tí ẹ̀rọ bá kà níbẹ̀ ni òṣìṣẹ́ káńtà ń fi wé tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ń lọ sí Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ yín lódindi àti ọjọ́ ìbí yín ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó lè fún yín ní ìwé ìwọkọ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn lè bu owó ìtanràn £2,000 lé ilé-iṣẹ́ náà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá gbé wá láìní ojúlówó ìwé. Ẹ má bínú sí òṣìṣẹ́ tó ní òun ò lè gbójú fò ó. Agbára rẹ̀ ò ká a.

Ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ gan-an ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ìka tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa fi wé ìlà ìsàlẹ̀ yẹn. Ti Folasade ó yẹ kó jẹ́:

```
ADEYEMI/FOLASADEABIMBOLA MRS
```

Orúkọ àbísọ méjèèjì lẹ̀ pọ̀, àmì ohùn ò sì sí. Kì í ṣe àṣìṣe. Bí kọ̀ǹpútà wọn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, ẹ má tìtorí rẹ̀ náwó. Àṣìṣe ni bí lẹ́tà kan bá lé tàbí tó dín, bí orúkọ ìdílé bá bọ́ sípò orúkọ àbísọ, tàbí bí wọ́n bá kọ orúkọ ìnagijẹ.

Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bó bá jẹ́ ajẹ́ńtì ló tà á, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú sábà máa ń dá yín padà sọ́dọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ tètè lọ, nítorí lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ tíkẹ́ẹ̀tì jáde, ajẹ́ńtì sábà máa ń lè fagi lé e kó tẹ òmíràn láìsí ìtanràn. Bílẹ̀ bá ti mọ́, ó lè di ọ̀rọ̀ owó.

Ẹ fi fọ́tò ojú ewé pásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́ pẹ̀lú kóòdù bùkìn oníàmì mẹ́fà, kí ẹ sì kọ ọ́ kedere pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ H kúrò nínú FOLASHADE, kó di FOLASADE. Èmi kan náà ni." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń tún lẹ́tà kan sí mẹ́ta ṣe, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà kí a gbé tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹlòmíràn. Ẹ má fúnra yín fagi lé ìjókòó yín kí wọ́n tó dáhùn, torí owó tí ẹ san tẹ́lẹ̀ lè má ra irú rẹ̀ mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: ajẹ́ńtì á ní òun ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n orí bùkìn nìkan ló ti ṣe é, tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ṣì ní H. Ẹ ní kó fi ìwé tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ránṣẹ́, èyí tó ní nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì oníàmì mẹ́tàlá, kí ẹ sì wo orúkọ tó wà níwájú nọ́ńbà náà. Bí ìrìn àjò bá gba ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì, ẹ pe èkejì náà, kí ẹ bi í bóyá orúkọ tuntun ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyàwó tuntun, orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù tí ẹ máa gbé dání ni kí ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, kódà bó jẹ́ orúkọ ilé bàbá yín. Bí pásípọ́ọ̀tù gan-an ló ní àṣìṣe, tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, títí ẹ ó fi gba òmíràn ní ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n. Fíìsà náà gbọ́dọ̀ bá a mu.

Bó bá jẹ́ pápákọ̀ lẹ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, ẹ má tò sórí ìlà ẹrù. Ọ́fíìsì tí ilé-iṣẹ́ náà ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nínú pápákọ̀ ni kí ẹ gbà lọ tààrà, nítorí àwọn tó ń wọn ẹrù kì í sábà láṣẹ láti tún tíkẹ́ẹ̀tì tẹ̀.