Sílàìdì méje fún èlùbọ́ Àǹtí mi

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ń ta èlùbọ́ ní Adó-Èkìtì. Wọ́n ní kí n bá àwọn gbé ìtàn bí òwò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sórí Instagram ní kárọ́sẹ̀ẹ̀lì, ìyẹn àwòrán tó tẹ̀léra tí èèyàn ń fi ìka yí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe kò dára. Orúkọ òwò àti àpò èlùbọ́ ló wà ní sílàìdì kìíní. Èyí tó kẹ́yìn gbé oníbàárà kan tó ní èlùbọ́ náà kò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó tán, ó ní, "Kí ló dun Àǹtí gan-an tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀?" Iyanrìn ni. Iyanrìn inú àmàlà ló bí òwò náà, oníbàárà tí mo sì fi parí ìtàn kò dárúkọ iyanrìn rárá. Ìṣòro gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ lọ, oníbàárà gba ọ̀nà Ìdó.

Mo padà lọ jókòó ti Àǹtí mi. Mi ò bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ń ta èlùbọ́ mọ́. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn gbé àmàlà síwájú àlejò. Àlejò fi òkèlè kejì sẹ́nu, ó dákẹ́, ó sì rọra tu ú sí ọwọ́ òsì. Mo ti rí sílàìdì kìíní nìyẹn: abọ́ àmàlà kan, òkèlè kan tó ti kúrò, àti ọ̀rọ̀ márùn-ún péré, "Àlejò mi tu òkèlè náà."

Ẹ má fi sílàìdì kejì ṣeré. Ẹni tó bá rí ti àkọ́kọ́ tí kò yí i, Instagram lè tún gbé e wá síwájú rẹ̀ nígbà mìíràn, kó sì jẹ́ sílàìdì kejì ló máa rí. Nítorí náà, mo kọ ọ́ bíi pé òun ni ìbẹ̀rẹ̀: "Etí títì ni wọ́n sá gbodo tí a rà sí. Mọ́tò ń kọjá, eruku ń bà lé e."

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù, torí Àǹtí mi kò fẹ́ kí n fi sí i. Wọ́n ti kọ́kọ́ jọ̀ ọ́, iyanrìn tó kúnná sì bá èlùbọ́ jò sísàlẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Gbogbo ìyàwó ilé ló ti jọ̀ ọ́ rí." Wọ́n gbà. Ìkẹrin ni àtẹ onígi tí káfíńtà kàn fún wọn, tó ga dé ìbàdí, tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bò. Ìkarùn-ún sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, wọ́n ń bù ú fún aládùúgbò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ò tíì sanwó.

Oníbàárà àkọ́kọ́ ni ẹni tó kọ́kọ́ sanwó: ìyá olùkọ́ kan láti Ajílósùn. Wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ife omi, wọ́n rò ó, wọ́n da omi rẹ̀ nù díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá fi ìka pa ìdí ife. Wọ́n tún un pa. Wọ́n ní, "Wọn kọ́ńgò kan fún mi." Ìka nínú ife ni àwòrán kẹfà. Màmá náà gbà kí a ya ọwọ́ wọn, kì í ṣe ojú. Níwọ̀n bí kì í ti í ṣe ọjọ́ náà gan-an la yà á, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé a tún un ṣe ni. Ìkeje, ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà àti nọ́ńbà fóònù.

Àmì ohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ mú nínú Canva rẹwà, ṣùgbọ́n tó bá dé ẹ́ tàbí ọ̀, àmì orí á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Noto Sans gbé gbogbo rẹ̀ dáadáa. 1080 × 1350 ni mo fi gbogbo wọn ṣe, torí ìwọ̀n àwòrán àkọ́kọ́ ni Instagram máa ń fi gé ìyókù. Kí n tó gbé e jáde, mo fi ránṣẹ́ sí fóònù Àǹtí mi, tí ojú rẹ̀ kéré. Ọ̀rọ̀ ìkẹta pọ̀ jù, wọ́n ń fún ojú pọ̀ láti kà á. Mo gé e sí ìdajì.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan kọ̀wé béèrè bóyá òun náà lè wá fi omi dán an wò. Àǹtí mi ti gbé ife funfun kan àti jọ́ọ̀gì omi sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù báyìí.